Wọn ò gbé ẹrù kankan lé e, kí ló dé tí ilẹ̀ wa fi rì?

Akẹ́kọ̀ọ́_Síbíìlì

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin bàbá àti ẹ̀gbọ́n wa. Ọdún kejì ni mo wà ní polí, síbíìlì ni mò ń kà, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ilé wa ni mo bá wá, kì í ṣe ti ìdánwò.

Ìhà Ajah là ń gbé. Láti oṣù mẹ́ta sẹ́yìn ni wọ́n ti ń kọ́ ilé kan tó ní yàrá abẹ́ ilẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa. Tọ̀sán tòru ni wọ́n fi ń fa omi jáde nínú kòtò náà kí wọ́n lè ráyè da kọnkéré. Kò pé oṣù méjì tí fẹ́ǹsì wa fi bẹ̀rẹ̀ sí í là, igun kíṣíìnì tó kọjú sí wọn náà sì ti rì. Mo fi rọ́bà omi tí àwọn bíríkìlà fi ń wo lẹ́fẹ́ẹ̀lì wò ó. Igun yẹn ti fi nǹkan bíi mílímítà 20 rẹlẹ̀ ju igun kejì lọ.

Nígbà tí màámi lọ bá wọn, ohun tí ẹnjiníà wọn sọ ni pé: "Mà, a ò gbé ẹrù kankan lé ilẹ̀ yín. Yẹ̀pẹ̀ là ń kó jáde, omi là ń fà jáde. Ilẹ̀ tún fúyẹ́ sí i ni. Báwo ló ṣe máa wá rì?" Màámi ò rí èsì fún un, èmi náà ò rí. Olùkọ́ wa ti sọ ọ̀rọ̀ ẹfẹ́kítífù sítírẹ́ẹ̀sì fún wa ní kíláàsì, ó ní òun ló ń pinnu bí ilẹ̀ ṣe máa lágbára tó àti bó ṣe máa rì tó, pé kì í ṣe tótà sítírẹ́ẹ̀sì. Mo há a sórí, mo sì fi gba máàkì, ṣùgbọ́n ká sòótọ́, kò yé mi. Ẹ jọ̀ọ́, ṣé òótọ́ ni ọkùnrin yẹn sọ?

ÌyáÌbejì

Ọmọ mi, ẹ má bá wọn jiyàn kankan. Ẹ ya fọ́tò gbogbo ibi tó là, kí ẹ kọ déètì sí i, kí ẹ wá lọ́yà. Ẹ̀gbọ́n mi ò ya fọ́tò nígbà tirẹ̀, wọ́n ní ilé rẹ̀ ti là tẹ́lẹ̀.

Akẹ́kọ̀ọ́_Síbíìlì

Ẹ ṣé mà, a máa yà á. Ṣùgbọ́n ohun tí mò ń wá ni ìdí tó fi rì. Tí mi ò bá mọ̀ ọ́n, kí ni lọ́yà máa rí sọ?

BíríkìlàÀgbà

Ọdún kọkànlélógún rèé tí mo ti ń ṣe iṣẹ́ yìí. Ẹrù ló ń tẹ ilẹ̀, omi ló sì ń sọ ọ́ di rírọ̀, torí omi máa ń jẹ́ kí yẹ̀pẹ̀ yọ̀ bí ọṣẹ. Tó o bá fa omi kúrò, ilẹ̀ máa le sí i ni. Nítorí náà ẹnjiníà yẹn ò purọ́ tán. Ṣùgbọ́n mo mọ ohun tó ṣẹlẹ̀: pọ́ǹpù wọn ń fa iyanrìn mọ́ omi. Abẹ́ fẹ́ǹsì yín ti dihò. Ẹ lọ wo ẹnu páìpù wọn.

Yẹ̀pẹ̀LóMọ̀

Ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń tẹ́ẹ̀sì yẹ̀pẹ̀ ni mo ti lo ayé mi. Ẹ̀gbọ́n bíríkìlà, ọ̀rọ̀ iyanrìn tẹ́ ẹ sọ yẹn lè jẹ́ òótọ́, màá padà sí i. Àbúrò, jẹ́ ká gbé ilé yín tì ná, ká lọ sí ibi tí wọ́n ti ń ṣe gàrí.

O da ẹ̀gẹ́ lílọ̀ sínú àpò, o gbé e sábẹ́ jáàkì, o sì yí jáàkì náà le. Ní ìṣẹ́jú yẹn gan-an, ta ló gbé ẹrù jáàkì? Omi ni. Ìdí nìyẹn tó fi ń tú jáde lára àpò bíi pé ẹnì kan ń lé e. Ẹ̀gẹ́ fúnra rẹ̀ ò tíì gbé nǹkan kan, ó ṣì rọ̀ gbẹ̀dẹ̀gbẹ̀dẹ̀. Bí omi ṣe ń jáde ni ẹrù ń kúrò lọ́wọ́ omi bọ́ sọ́wọ́ ẹ̀gẹ́, bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀gẹ́ ń fún pọ̀, ó ń le. Tó bá di àárọ̀ ọjọ́ kejì, ó ti le tó èyí tó o lè fi ọwọ́ bù ní bíríkì. Kíyè sí i pé jáàkì ò yí padà láti àná. Ohun tó yí padà ni ẹni tó ru ẹrù.

Wá fi ọ̀rá tí kò ní ihò kankan rọ́pò àpò. Yí jáàkì bó o ṣe fẹ́, ẹ̀gẹ́ inú rẹ̀ á wà bó ṣe wà, torí omi ò ríbi gbà jáde, òun ló ń ru gbogbo ẹ̀. Ẹrù pọ̀, ẹ̀gẹ́ ò mọ̀ pé ẹrù wà.

Bí ilẹ̀ ṣe rí nìyẹn. Hóró yẹ̀pẹ̀ fara ti hóró yẹ̀pẹ̀, omi sì kún àárín wọn. Ẹrù gbogbo tó wà lókè, pẹ̀lú yẹ̀pẹ̀ àti omi tó wà nínú rẹ̀, ni olùkọ́ yín pè ní tótà. Omi àárín hóró ru apá kan nínú rẹ̀. Èyí tó kù ni hóró fi ń tẹ ara wọn, òun ni ẹfẹ́kítífù:

```
σ' = σ − u
```

σ ni ẹrù gbogbo, u ni ti omi, σ' ni ti hóró. Kí ilẹ̀ tó lè rì, hóró gbọ́dọ̀ sún mọ́ ara wọn. Kí ilẹ̀ tó lè yẹ̀, hóró gbọ́dọ̀ yọ̀ lórí ara wọn. Ohun tó bá kan hóró nìkan ló lè mú méjèèjì ṣẹlẹ̀ tàbí kó dí wọn lọ́wọ́. Omi ní tirẹ̀, ibi gbogbo ló ti ń ti hóró lẹ́ẹ̀kan náà, lókè, nísàlẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́. Kò ní kí wọ́n sún mọ́ ara wọn, kò sì ní kí wọ́n má yọ̀. Ẹnjiníà kan tó ń jẹ́ Karl Terzaghi ló là á yé wa, látinú iṣẹ́ tó ṣe lórí amọ̀ nígbà tó ń ṣe olùkọ́ ní Ìsítáńbùlù, tó sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1925.

BíríkìlàÀgbà

Ẹ ṣé o. Ṣùgbọ́n omi tó wà lórí ilẹ̀ náà wúwo. Ṣé ẹ fẹ́ sọ pé ọ̀sà ò tẹ ilẹ̀ abẹ́ rẹ̀ ni?

Yẹ̀pẹ̀LóMọ̀

Ó ń tẹ̀ ẹ́, hóró ò kàn mọ̀ ni. Ẹ wo ìsàlẹ̀ òkun níbi tó jìn ní 4,000 mítà. Mítà omi kan ń tẹ nǹkan ní bíi 10 kPa, nítorí náà ẹrù tó wà lórí ẹrẹ̀ ibẹ̀ ju 40,000 kPa lọ. Tó bá jẹ́ ẹrù gbogbo ló ń sọ yẹ̀pẹ̀ di líle, ẹrẹ̀ yẹn ì bá ti di òkúta. Ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ rọ̀ bí ẹ̀kọ mímu. Omi tó wà lórí rẹ̀ ni omi tó wà nínú rẹ̀, bí σ ṣe ń ga ni u náà ń ga, ohun tó kù fún hóró ò ju ìwúwo hóró fúnra wọn lọ.

Nípa ọṣẹ, ẹ̀gbọ́n, ẹ dárí jì mí: omi kì í ṣe epo láàárín hóró iyanrìn. Iyanrìn tútù àti gbígbẹ ń ha ara wọn bákan náà. Ohun tó ń jẹ́ kí ilẹ̀ rọ̀ nígbà òjò ni pé omi gba ẹrù lọ́wọ́ hóró, hóró ò wá tẹ ara wọn dáadáa mọ́. Ohun tẹ́ ẹ rí pẹ̀lú ojú yín tọ̀nà, ìdí rẹ̀ ló yàtọ̀.

Ó yá, ká wá sí ilé àbúrò. Sọ fún mi, kí ló wà lábẹ́ ilẹ̀ yín? Ẹnikẹ́ni ti gbẹ́ kànga tàbí bọọhóòlù níbẹ̀ rí?

Akẹ́kọ̀ọ́_Síbíìlì

Bọọhóòlù tiwa ni sà. Ẹni tó gbẹ́ ẹ ní mítà 3 òkè jẹ́ iyanrìn sánfíìlì, lẹ́yìn náà amọ̀ dúdú rírọ̀ tó ń rùn, nǹkan bíi mítà 4, kó tó tún kan iyanrìn. Omi máa ń wà ní nǹkan bíi mítà kan sísàlẹ̀. Ní báyìí mo ju okùn sínú kànga kékeré tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fẹ́ǹsì, omi ti lọ sí mítà 3.

Yẹ̀pẹ̀LóMọ̀

Ó dára! Ká mú àárín gbùngbùn amọ̀ yẹn, mítà 5 sísàlẹ̀. Màá fi 18 fún iyanrìn tí kò sí nínú omi, 20 fún èyí tó wà nínú omi, 16 fún amọ̀, gbogbo rẹ̀ ní kPa fún mítà kan. Mi ò tíì tẹ́ẹ̀sì yẹ̀pẹ̀ yín, nítorí náà àbá ni.

Kí wọ́n tó fa omi:

```
σ  = 1×18 + 2×20 + 2×16 = 90
u  = 4×10 = 40
σ' = 90 − 40 = 50 kPa
```

Lẹ́yìn tí wọ́n fà á sí mítà 3, tí amọ̀ sì ti fara mọ́ ọn tán:

```
σ  = 3×18 + 2×16 = 86
u  = 2×10 = 20
σ' = 86 − 20 = 66 kPa
```

Wò ó dáadáa. Ẹrù gbogbo fi 4 dín kù. Òótọ́ ni ẹnjiníà yẹn sọ, ilẹ̀ yín fúyẹ́ sí i. Ṣùgbọ́n omi ju 20 sílẹ̀ nínú ẹrù tó ń rù, ẹrù tó kúrò lókè ò ju 4 lọ, ta ló máa gbé 16 tó kù? Hóró ni. Lójú amọ̀ yẹn, ó dà bíi pé ẹnì kan da iyanrìn tó nípọn tó sẹ̀ǹtímítà 90 lé e lórí. Kò sí ẹni tó rí iyanrìn náà, ṣùgbọ́n amọ̀ rí i.

Amọ̀ rírọ̀ irú tiyín lè fún pọ̀ ní bíi mílímítà kan nínú mítà kan fún kPa kọ̀ọ̀kan. Mítà 4 ni tiyín, 16 kPa ni àlékún, iye tó máa rì nígbẹ̀yìn jẹ́ nǹkan bíi mílímítà 64.

Akẹ́kọ̀ọ́_Síbíìlì

Háà. Ẹrù dín kù, ilẹ̀ rì. Ó ti ń yé mi sà. Ṣùgbọ́n 64 kọ́ ni mo rí, 20 ni.

Yẹ̀pẹ̀LóMọ̀

Torí àpò gàrí yín ò ní ihò púpọ̀. Amọ̀ kì í jẹ́ kí omi tètè kọjá. Tí omi bá lè gba òkè àti ìsàlẹ̀ jáde sínú iyanrìn, irú amọ̀ yìí lè lò ju ọdún mẹ́ta lọ kó tó rì dé ìdá mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá. Oṣù mẹ́ta ni wọ́n fi fa omi. Láàárín ìgbà yẹn, ó máa rì díẹ̀ ju ìdá kan nínú mẹ́rin lọ, ìyẹn bíi mílímítà 18. O rí 20. Mo rò pé ó bára mu.

Bàbá_Kànga

Ẹ jẹ́ kí n bi yín ní tèmi, ẹ̀yin ọ̀mọ̀wé. Kànga ni mò ń gbẹ́ láti kékeré, mi ò kàwé. Nígbà míì tí a bá gbẹ́ ẹ kan iyanrìn, tí a ń fa omi jáde kí n lè máa gbẹ́ lọ, ìsàlẹ̀ kànga á bẹ̀rẹ̀ sí í hó bí ìkòkò. Iyanrìn tí ẹsẹ̀ mi dúró lé ṣáájú á gbé mi mì dé orúnkún. Ẹ̀rù máa ń bà mí. Ohun tí bàbá mi kọ́ mi ni pé kí n má fa omi mọ́, kí n jẹ́ kó padà wọlé, kí n tiẹ̀ dà á sí i. Á sì dákẹ́. Ṣé omi tún ń jẹ́ kí ilẹ̀ le ni?

Yẹ̀pẹ̀LóMọ̀

Bàbá, ẹ kú ewu. Ohun tẹ́ ẹ sọ yìí ló wọ inú ọ̀rọ̀ yìí jù. Tí ẹ bá fa omi inú kànga, omi ìta ga ju ti inú lọ, ó sì ń fi agbára gba ìsàlẹ̀ wọlé, láti ìsàlẹ̀ sókè. Bó ṣe ń gòkè ló ń gbé hóró iyanrìn. Tí ìyàtọ̀ gíga omi bá ti tó bí iyanrìn tó ń là kọjá ṣe nípọn tó, mítà kan fún mítà kan, omi ti ru gbogbo ẹrù náà tán. u ti dọ́gba pẹ̀lú σ, σ' ti di òfo. Hóró ò tẹ ara wọn mọ́ rárá. Iyanrìn tó ní hóró tó dára, tó wúwo bó ṣe wúwo tẹ́lẹ̀, á di omi lábẹ́ ẹsẹ̀ yín. Ẹrù ò yí padà, agbára ló pòórá.

Tí ẹ bá da omi padà, ìyàtọ̀ gíga á dín kù, omi ò ní í fi agbára gòkè mọ́, hóró á tún fara ti ara wọn. Kì í ṣe pé omi mú ilẹ̀ le. Ẹ dá ẹrù padà fún hóró ni. Bàbá yín mọ̀ ọ́n, kò kàn kọ ọ́ ní σ' ni.

Bàbá_Kànga

Ó ṣeun, ọmọ mi. Ẹni tó ń tẹ̀ lé mi kú síbẹ̀ ní ọdún kan. Ó ní kí a fa omi sí i.

Yẹ̀pẹ̀LóMọ̀

Ẹ pẹ̀lẹ́ bàbá. Ọlọ́run á tẹ́ ẹ sí afẹ́fẹ́ rere.

Ọmọ_Hòúsítìn

Ẹ̀gbọ́n Yẹ̀pẹ̀LóMọ̀, mo bọ̀wọ̀ fún yín, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n da omi tútù díẹ̀ sí i. Hòúsítìn ni mo ti ń ṣiṣẹ́, ọ̀rọ̀ yìí la sì ń jẹ níbí. Omi tí wọ́n fà lábẹ́ ilẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún mú kí apá kan agbègbè yìí rì tó mítà 3, débi pé ní 1975 ìjọba ìpínlẹ̀ dá àjọ kan sílẹ̀ tó ń ṣàkóso fífa omi nítorí rẹ̀ nìkan. Ẹnikẹ́ni ò gbé ẹrù lé ibẹ̀. Nítorí náà ìlànà yín ò ní àléébù. Ìṣirò yín ló ń yá jù.

Àkọ́kọ́, ẹ gbà pé omi inú iyanrìn tó wà lábẹ́ amọ̀ náà fi mítà 2 wálẹ̀. Ta ló sọ bẹ́ẹ̀? Kànga kékeré tí àbúrò ju okùn sí kò jìn kọjá sánfíìlì. Tí omi ìsàlẹ̀ bá wà bó ṣe wà, òkè amọ̀ nìkan ló máa rí àlékún 16. Tó bá kan ìsàlẹ̀ rẹ̀, omi ò yí padà níbẹ̀, ẹrù gbogbo sì fi 4 dín kù, hóró ibẹ̀ fúyẹ́ sí i gan-an ni! Tẹ́ ẹ bá dá a sí àárín, àlékún á jẹ́ bíi 6, gbogbo rírì ò ní ju mílímítà 24 lọ nígbẹ̀yìn.

Ìkejì, amọ̀ máa ń rántí. Tí omi ibẹ̀ bá ti lọ sílẹ̀ dé mítà 3 rí ní ọ̀gbẹlẹ̀ kan, hóró ti gbé 66 rí, wọ́n ti sún mọ́ra nígbà yẹn. Lẹ́ẹ̀kejì wọn ò ní fún pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ rárá. Ìgbà tí ẹrù hóró bá kọjá èyí tó ga jù tí wọ́n ti gbé rí ni wàhálà gidi ń bẹ̀rẹ̀.

Ìkẹta, 20 tí àbúrò wọ̀n, ìyàtọ̀ igun méjì ni. Igun kejì náà lè ti rì. Kò yẹ kẹ́ ẹ fi wé 18 yín.

Yẹ̀pẹ̀LóMọ̀

Ìkẹta yẹn dùn mí, torí ẹ gbá mi mú. Òótọ́ ni. Mo yára sọ pé ó bára mu.

Ìkejì, mo gbà, ṣùgbọ́n sánfíìlì yẹn kì í ṣe ti ayérayé. Wọ́n da mítà 3 iyanrìn lé amọ̀ náà. Tí kò bá tíì pẹ́ púpọ̀, amọ̀ lè máà tíì parí rírì ti sánfíìlì gan-an. Kò ní ohun tó fẹ́ rántí.

Ìkínní, ọ̀nà kan ló wà láti mọ̀. Kí wọ́n ri páìpù tín-ín-rín kan bọ inú iyanrìn ìsàlẹ̀, kí ìdí rẹ̀ nìkan ní ihò, kí wọ́n fi amọ̀ dí ara rẹ̀ yíká kí omi òkè má bàa gba ẹ̀gbẹ́ wọlé. Ibi tí omi bá dúró sí nínú páìpù ló máa sọ iye u tó wà níbẹ̀. Kí wọ́n tún ri òmíràn sí àárín amọ̀. Tí ti àárín amọ̀ bá ṣì ga ju bó ṣe yẹ lọ, a jẹ́ pé rírì ṣì kù lọ́nà. Ẹni tí ò bá wọn omi ń méfò lásán ni, èmi náà wà nínú wọn lónìí.

BíríkìlàÀgbà

Gbogbo ìgbà yìí, ta ló ti lọ wo ẹnu páìpù?

Akẹ́kọ̀ọ́_Síbíìlì

Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ibẹ̀ dé, bàbá. Mo fi ike bu omi náà. Ó mọ́ lójú, ṣùgbọ́n nígbà tó dúró tó wákàtí kan, iyanrìn kíkúnná wà ní ìdí ike, ó tó ìwọ̀n èékánná. Gọ́tà tí omi náà ń bọ́ sí ti kún fún iyanrìn funfun, irú ti sánfíìlì wa.

BíríkìlàÀgbà

Mo wí bẹ́ẹ̀!

Yẹ̀pẹ̀LóMọ̀

Ẹ wí bẹ́ẹ̀, ẹ̀gbọ́n. Ìwọ̀n èékánná nínú ike kan, tọ̀sán tòru, fún oṣù mẹ́ta, kì í ṣe nǹkan kékeré. Ó túmọ̀ sí pé wọn ò fi asẹ́ tó dáa sí ìdí pọ́ǹpù. Nítorí náà ó lè jẹ́ nǹkan méjì ló ń ṣẹlẹ̀ pọ̀. Ohun tá a lè fi yà wọ́n ni ìrísí rẹ̀. Amọ̀ tó ń fún pọ̀ máa ń rì díẹ̀díẹ̀ lórí àyè tó fẹ̀, ó pọ̀ jù lẹ́bàá kòtò, ó ń dín kù bó o ṣe ń jìnnà. Iyanrìn tó ń sá lọ máa ń ṣe ihò, ilẹ̀ á sì já lójijì lójú kan. Ilẹ̀ ẹ̀gbẹ́ fẹ́ǹsì yín ńkọ́? Ṣé ó rì pẹlẹbẹ, àbí ibì kan wà tó ń dún ní òfìfo tó o bá fi igi gbá a?

Akẹ́kọ̀ọ́_Síbíìlì

Ó rì pẹlẹbẹ sà, àyàfi ibì kan lẹ́bàá géètì tó ń dún. Wọ́n ní ọ̀sẹ̀ méjì sí i làwọn máa fi fa omi, àwọn á wá tì í pa. Tí omi bá padà, ṣé ilé wa á padà sókè?

Ọmọ_Hòúsítìn

Díẹ̀ ni. Tí omi bá padà gba ẹrù rẹ̀, hóró á fúyẹ́, amọ̀ á wú díẹ̀, ṣùgbọ́n ó kéré gan-an sí bó ṣe rì tó. Èyí tó bá sì jẹ́ pé iyanrìn ló sá lọ, kò ní padà rárá.

Yẹ̀pẹ̀LóMọ̀

Bẹ́ẹ̀ ni. Ẹ ní kí wọ́n má ti gbogbo pọ́ǹpù pa lọ́jọ́ kan o. Tí kọnkéré yàrá abẹ́ ilẹ̀ wọn ò bá tíì wúwo tó, omi tó ń padà lè gbé e léfòó, tàbí kí ìdí kòtò hó bíi ti Bàbá Kànga. Ìyẹn wàhálà tiwọn, ṣùgbọ́n ẹ̀gbẹ́ yín ló wà.

BíríkìlàÀgbà

Ṣé kí n wá fi símẹ́ǹtì dí fẹ́ǹsì náà fún un?

Yẹ̀pẹ̀LóMọ̀

Ẹ má dí i ná, ẹ̀gbọ́n. Ẹ lẹ ègé gíláàsì tín-ín-rín kan mọ́ ojú ibi tó là náà lápá méjèèjì, kí ẹ kọ déètì sí i. Tó bá fọ́, ilẹ̀ ṣì ń rìn. Ibi tó ń dún lẹ́bàá géètì ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ gbẹ́ wò, lónìí, kí ọkọ̀ kankan tó gba orí rẹ̀ kọjá.